Iṣu mẹ́ta tó kù: ta ló ba Umuaro jẹ́ nínú Arrow of God?

ỌmọTankẹ
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Pírójẹ́ẹ̀tì àṣejáde ni mò ń kọ lórí Arrow of God, ìwé Chinua Achebe. Ohun tí mo kọ sí orí kẹta ni pé òyìnbó dé, ó fi agbára tú ìlú tó tòrò ká. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi fi bírò pupa fa ìlà já gbogbo rẹ̀, ó ní wọn kì í ka ìwé ìgbà amúnisìn bẹ́ẹ̀ yẹn, kí n lọ tún un kà. Mo ti tún un kà. Òyìnbó náà ni mo tún bá níbẹ̀. Kí ni mi ò rí?

ÀkàndéOjúỌjà
Ọ̀gá ẹ ò kàn fẹ́ kó o yege ni. Ṣé kì í ṣe òyìnbó ló mú kí ọkùnrin yẹn pokùn so? Ajẹ́lẹ̀ wá dúró nídìí òkú, ó ń ronú ìwé tóun máa kọ. Fọ́ọ̀mù fáìfù ni mo ti kà á, kò tíì kúrò nínú mi.

ỌmọTankẹ
Ẹ ṣeun, sà. Okonkwo inú Things Fall Apart nìyẹn, ìwé Achebe mìíràn. Ezeulu, àwòrò òrìṣà Ulu ní Umuaro, ni mo ń bá yí.

Olùkọ́Ọ̀fà
Ẹ má lé Àkàndé lọ, ó fọwọ́ ba nǹkan láìmọ̀. Ìwé tí ajẹ́lẹ̀ yẹn ń gbèrò láti kọ nígbà tí Okonkwo kú, ó ti jáde tán nínú Arrow of God. Clarke, ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Okperi, ló ń kà á kó tó lọ jẹun alẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, Winterbottom. George Allen ni wọ́n pe ẹni tó kọ ọ́. Achebe ò tún dúró bú ìwé náà. Ó kàn gbé e lé ọmọdé òyìnbó kan lọ́wọ́, ká fojú ara wa rí i bí irọ́ tí ẹnì kan kọ ṣe ń di ohun tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn fi ń kọ́ṣẹ́.

Ó wá kan ìwọ, ọmọ mi. Ìlú tó tòrò lo kọ. Nínú ìwé yìí, ojú ewé wo ni Umuaro ti tòrò? Padà lọ síbi tí wọ́n ti sọ bí Ulu ṣe dé. Àwọn jagunjagun Abam a máa wọlé lóru, wọ́n á tiná bọ ilé, wọ́n á sì kó ènìyàn lọ tà lẹ́rú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú abúlé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n para pọ̀, wọ́n bẹ àwọn oníṣègùn, wọ́n ṣe òrìṣà kan tí gbogbo wọn yóò jọ máa bọ. Abúlé tí agbára rẹ̀ kéré jù ni wọ́n gbé ipò àwòrò fún, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi gun àwọn yòókù lórí. Iṣẹ́ ọwọ́ ìlú ni Ulu, ogun ẹrú ló sì bí i. Kí Clarke tó gbọ́ orúkọ Umuaro rárá, Ezidemili, àwòrò òrìṣà Idemili, àti Nwaka ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń wá bí wọ́n ṣe máa rẹ Ezeulu sílẹ̀, ìlú náà sì ti gbé ogun ilẹ̀ ko Okperi, ìlú aládùúgbò wọn, lójú. Nínú ogun yẹn ni Winterbottom ti dá sí i, tó kó ìbọn wọn jọ, tó sì fọ́ wọn mọ́lẹ̀.

Ògiri ti lanu kí aláǹgbá tó dé. Ibi tí ọ̀gá rẹ fa ìlà já nìyẹn.

IgbóminaGidi
Mo fara mọ́ olùkọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má sọ òyìnbó di ẹni mímọ́ fún wa. Òyìnbó fi Ezeulu jẹ ọba lé ìlú tí kò ní ọba lórí, ìdí nìyẹn tí ìlú fi kọ̀yìn sí i. Winterbottom ló tì í mọ́lé. Ohun kan náà ni wọ́n ṣe fún wa níhìn-ín, wọ́n gbé ọba kan lé gbogbo ìlú lórí. Nítorí náà Umuaro àti Ìlọrin, ọ̀kan náà ni.

ÌyáMuínàt
Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n. Ezeulu kò jẹ oyè kankan. Wọ́n fi lọ̀ ọ́, ó kọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé òun kò ní jẹ́ ìjòyè ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ti Ulu. Kò sì jọ pé Winterbottom ló tì í mọ́lé. Winterbottom ló ránṣẹ́ pè é, nígbà tí kò sì tètè wá, ó ní kí ọlọ́pàá lọ mú un. Àmọ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni àìsàn gbé Winterbottom ṣánlẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù. Clarke ló kù nílé. Clarke ló tì í mọ́lé.

Olùkọ́ girama ni mí ní Òmù-Àrán, mo ti kọ́ ọmọ ní ìwé yìí tó ọdún mẹ́jọ. Ibi tí mo máa ń ní kí wọ́n kà sókè ni ìgbà tí Ezeulu ti kọ oyè tán. Inú Clarke ru, ó ní kí wọ́n dá a padà sí yàrá. Lẹ́yìn náà ló wá ń da ara rẹ̀ láàmú: kí ni kí n kọ sínú ìwé ìjọba pé ó ṣe? Ọkùnrin náà ò jalè, kò pààyàn, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní òun ò ṣe ni. Clarke ò rí ọ̀rọ̀ tó máa kọ. Ìgbà tí ara Winterbottom ti balẹ̀ díẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ló wá sọ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ síbẹ̀ títí yóò fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú ìjọba. Ọkàn Clarke balẹ̀. Ó ti rí gbólóhùn.

Àwọn ọmọ a rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín náà tán, kí n tó bi wọ́n pé èwo ló kọ́kọ́ wà, ẹ̀ṣẹ̀ ni tàbí ìwé ẹ̀sùn?

ỌmọTankẹ
Ibi yẹn, mo kàn sáré kọjá lórí rẹ̀ ni o. Ṣùgbọ́n màámi, ṣé èyí ò tún gbè sẹ́yìn mi ni? Òyìnbó ló ti aláìṣẹ̀ mọ́lé.

ÌyáMuínàt
Ó gbè sẹ́yìn rẹ dé ìdajì. Wo ohun tí Clarke mọ̀, kó o sì wo ohun tí kò mọ̀. Kò mọ̀ pé ọwọ́ ọkùnrin tó tì mọ́lé yìí ni kàlẹ́ńdà ìlú wà.

Olùkọ́Ọ̀fà
Ìyá Muínàt ti ṣílẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kí n wọlé.

Lẹ́yìn ìkórè, Ezeulu ní iṣu mímọ́ tó kó pamọ́. Bí oṣù tuntun bá yọ, yóò lu ogene kí gbogbo ìlú lè gbọ́, yóò sun ọ̀kan nínú iṣu náà, yóò jẹ ẹ́. Nígbà tó bá ku ẹyọ kan ṣoṣo ni yóò dá ọjọ́ ìjẹṣu. Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọkọ́ kan iṣu tuntun nínú oko. Ìlú ò ní ìwé, kò ní aago. Ikùn ọkùnrin kan ni wọ́n fi ń ka oṣù.

Oṣù tuntun méjì yọ nígbà tó wà látìmọ́lé ní Okperi. Kò jẹ iṣu méjì. Nígbà tó délé, tí àsìkò sì tó, àwọn tó máa ń bá a ṣètò wá bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ tí kò tíì dá ọjọ́. Wọ́n rò pé iṣu kan ló kù. Ó ní mẹ́ta ló kù.

Iṣu ti gbó nínú ilẹ̀. Ilẹ̀ ń gan. Iṣu ti èṣí ti ń tán nínú abà. Àwọn àgbà mẹ́wàá tó lóyè wá kúnlẹ̀ ọ̀rọ̀ fún un: jọ̀wọ́, jẹ méjì tí o kò jẹ yẹn lónìí, bí ẹ̀ṣẹ̀ bá wà níbẹ̀, kó wà lórí tiwa. Ó kọ̀. Ó ní ojú ọ̀run ni òun ń wò, òun ò lè jẹ iṣu tí oṣù rẹ̀ ò tíì yọ.

Kí ni òyìnbó ṣe nínú gbogbo èyí? Ó ti ọkùnrin kan mọ́lé fún nǹkan bí oṣù kan, ó tú u sílẹ̀, ó gbàgbé rẹ̀. Kò dáná sun oko, kò lé ẹnikẹ́ni kúrò nílẹ̀. Ìyàn tó mú ìlú, ìjọba ò fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá a sílẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀. Èyí gan-an ló burú jù, lójú tèmi. Ẹni tó mọ̀ pé òun ń ṣe ọ́ níbi, o lè bẹ̀ ẹ́, o sì lè bá a jà. Kí lo fẹ́ bá ẹni tó tẹ̀ ọ́ mọ́lẹ̀ láìrí ọ sọ? Orí ìyẹn ni kí o kọ orí kẹta rẹ lé.

Akéwú_Gẹ̀ríÀlímì
Àsàlámù àlékúmù. Èmi ò ka ìwé yìí tán o, ibi tí Ezeulu ti rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni mo dé tí mo pa á dé, nítorí ó ká mi lára. Ó ní kí ọmọ náà lọ jẹ́ ojú òun láàárín wọn.

Bàbá bàbá mi, alùfáà ni, kéú ló fi ń jẹun. Nígbà tí wọ́n ń wá ọmọ tó máa lọ ilé-ìwé, ẹ̀rù ń ba gbogbo àdúgbò nítorí ilé-ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnu ọ̀nà kan ni. Bàbá fi ọmọ kan sílẹ̀, ti ìyàwó kejì, ó ní kó lọ wo ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ wá sọ fún òun. Ọmọ náà lọ, kò sì wá sọ ohunkóhun. Ó di akọ̀wé ní Kàdúná, lẹ́tà ló ń kọ sílé, lẹ́tà tí bàbá ò lè kà. Títí bàbá fi kú ló máa ń sọ pé ojú tí òun rán níṣẹ́, ibòmíràn ló ń wò. Ìdí tí mo fi ń yọ̀ fún iṣẹ́ àwọn Ansarul Islam láti 1942 nìyẹn, wọ́n jẹ́ kí ọmọ lè lọ sí ilé-ìwé kó sì padà wálé.

Kí ni ọmọ Ezeulu gbẹ̀yìn dà?

ÌyáMuínàt
Alàáfíà, Alfa. Oduche gbé erè mímọ́ ti Idemili tì mọ́nú àpótí kan, ó fẹ́ kó kú síbẹ̀ láìjẹ́ pé ọwọ́ òun ló pa á. Ohun tó fún àwọn ọ̀tá Ezeulu lẹ́nu nìyẹn. Nígbà tí Goodcountry, olórí ìjọ, sì ń gbèrò bí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe máa jèrè nínú ìyàn, Oduche gbọ́, kò sì sọ fún bàbá rẹ̀. Bí ti bàbá bàbá yín gẹ́lẹ́. Ẹ ka ìwé náà parí, sà.

IgbóminaGidi
Ìyá Muínàt, mo gbà, mo ṣìnà lórí oyè yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí Ìlọrin.

Olùkọ́Ọ̀fà
Má bínú. Mo ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́ kó má di ìjà ni, mo mọ irú àwọn tó wà níbí.

Ní ilẹ̀ Ìgbò, ọ̀pọ̀ ìlú ni kò ní ọba, òyìnbó sì fẹ́ ọba tó máa gba ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó wá fi ìwé wáráǹtì dá ìjòyè sílẹ̀. Nínú ìwé yẹn náà, James Ikedi ti Okperi wà níbẹ̀: Winterbottom fún un ní wáráǹtì, ó di alọ́nilọ́wọ́gbà, kò sì pẹ́ tó sọ ara rẹ̀ di ọba. Winterbottom mọ̀ pé ètò náà kò dára, ó kórìíra rẹ̀. Ìwé àṣẹ wá láti òkè pé kó tún yan ẹlòmíràn, ó sì yan Ezeulu, nítorí Ezeulu ló jẹ́rìí òtítọ́ fún un lórí ogun Okperi. Àwọn obìnrin ilẹ̀ Ìgbò ló padà ta ko ètò wáráǹtì yẹn ní 1929.

Ti Ìlọrin kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company wọ Ìlọrin ní oṣù kejì ọdún 1897, wọ́n bá ẹ́mírì tó jókòó lórí àga. Kò sí pé wọ́n ń dá ọba sílẹ̀. Wọ́n mú agbára tó ti wà, wọ́n fi ìwé òǹtẹ̀ lé e, wọ́n sì fi ìlú tí agbára náà ń bá du ara wọn, bí Ọ̀fà wa àti àwọn Ìgbómìnà, sábẹ́ rẹ̀. Ìjà tí kò tíì parí ni wọ́n kọ sílẹ̀ bí ẹni pé ó ti parí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ààlà Ìlọrin àti Kàbbà fi tún dé iwájú ìgbìmọ̀ Willink, tó gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn ẹ̀yà kéékèèké, ní 1957 sí 1958.

Ní Umuaro, wọ́n fẹ́ dá ohun tí kò sí. Níhìn-ín, wọ́n mú ohun tó wà, wọ́n fi kún un. Bí ẹ bá pè é ní ọ̀kan náà, ẹ ti ṣe bí Clarke nìyẹn, tó rò pé ìwé kan lè ṣàlàyé gbogbo ènìyàn dúdú.

ỌmọÌta_Àmọ́dù
Mo mọ̀ pé ẹ máa fi Ìlọrin bọ̀ ọ́. Ìwé Ìgbò la ń sọ, ẹ ti sọ ọ́ di ẹ̀sùn.

Olùkọ́Ọ̀fà
Kì í ṣe ẹ̀sùn, àbúrò. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn. Aṣojú tí Ìlọrin ń rán lọ jókòó sí ìlú Ìgbómìnà nígbà ogun, kí làwọn bàbá wa ń pè é? Ajẹ́lẹ̀. Nígbà tí D.O. òyìnbó wá dé pẹ̀lú fìlà líle, kí ni wọ́n pè é? Ajẹ́lẹ̀ náà ni. Wọn ò wá ọ̀rọ̀ tuntun. Àkàndé gan-an lo ọ̀rọ̀ náà lókè, kò sì rò ó kó tó lò ó.

ỌmọÌta_Àmọ́dù
Ìbàdàn náà ní ajẹ́lẹ̀ ní ilẹ̀ Èkìtì. Kí ẹ má dá tiwa nìkan sọ.

Olùkọ́Ọ̀fà
Òótọ́ ni. Ó sì tún mú ọ̀rọ̀ mi lágbára.

ÌyáMuínàt
Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ajẹ́lẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n mo bẹ̀rù rẹ̀ díẹ̀. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ kan so méjèèjì pọ̀, ẹnìkan á sọ pé òyìnbó ò ṣe ohun tuntun kankan, pé a ti ń ṣe é fún ara wa. Ìyàtọ̀ wà. Ajẹ́lẹ̀ àtijọ́, ìlú lè dìde sí i kí wọ́n pa á, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ìjọba Clarke ní ìwé, ìwé ò sì ṣeé pa.

AlátakòPósọ́fíìsì
Gbogbo yín ń dárí ji Ezeulu. Agbéraga ni. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó jẹ iṣu méjì lásán, ó ní rárá, ó fẹ́ kí ebi pa gbogbo ìlú nítorí pé wọn ò bá a lọ sí Okperi. Ó ti ń gbèrò ẹ̀san kó tó kúrò látìmọ́lé. Ó wà nínú ìwé.

Olùkọ́Ọ̀fà
Ó wà níbẹ̀, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n o rántí alẹ́ tó ń ro ẹ̀san náà, tí ohùn Ulu já lù ú bí ìgbà tí wọ́n bá ń bá ọmọdé wí, pé ta ló sọ fún un pé ìjà tirẹ̀ ni? Pé ìjà òun àti Idemili ni. Láti ìgbà yẹn ló ti ka ara rẹ̀ sí ọfà lásán lórí ọsán òrìṣà, àkọlé ìwé nìyẹn.

AlátakòPósọ́fíìsì
Ta ló gbọ́ ohùn náà yàtọ̀ sí òun nìkan? Èmi náà lè sọ pé Ulu ló ní kí n má san gbèsè.

Olùkọ́Ọ̀fà
O mú mi. Achebe ò jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ ọ, mo sì gbà pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Nígbà tó ṣe àtúntẹ̀ ìwé náà ní 1974, ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú kékeré kan tó fi kan sáárá sí Ezeulu, ó ní bóyá ọkùnrin náà ì bá padà rí ìyà rẹ̀ bí ẹbọ tó sọ ìyípadà àwọn ènìyàn rẹ̀ di ètùtù. Ó wí i pẹ̀lú bóyá. Ẹni tó kọ ìwé gan-an ò parí ẹjọ́ náà.

ÌyáMuínàt
Ẹ̀yin méjèèjì ń jà lórí ọkàn ọkùnrin kan. Èmi, ibi tí iṣu lọ ni mò ń wò. Goodcountry kéde pé ẹni tó bá mú iṣu wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lè lọ wa oko rẹ̀, Ulu ò ní lè fọwọ́ kàn án. Àwọn ọkùnrin ò lọ fúnra wọn o. Ọmọkùnrin wọn ni wọ́n fi iṣu kan tàbí méjì rán. Láti ìgbà náà, orúkọ ọmọ ni wọ́n fi ń wa iṣu oko bàbá. Ibẹ̀ ni ìwé parí sí, kò sí ìbọn, kò sí ọlọ́pàá. ỌmọTankẹ, ìlà yẹn ni mo fẹ́ kó o fi bẹ̀rẹ̀ orí kẹta.

Àti pé àwọn obìnrin tó ń wá ohun tí wọ́n máa sè, Ugoye àti Matefi, àwọn ìyàwó Ezeulu, ìwé ò jẹ́ ká gbọ́ ohùn wọn tó nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo ní ẹ̀sùn sí Achebe níbẹ̀.

ỌmọTankẹ
Màámi, mo ti ń kọ ọ́. Ìbéèrè kan ló kù. Tí mo bá sọ pé ìjọba kò mọ̀ nípa iṣu, ṣé ọ̀gá mi ò ní sọ pé mo ń dá òyìnbó láre?

Olùkọ́Ọ̀fà
Fi gbólóhùn tí Clarke ń wá yẹn síbẹ̀. Ẹni tó ń wá ẹ̀sùn lẹ́yìn tó ti ti ènìyàn mọ́lé tán, àìmọ̀ rẹ̀ kì í ṣe àìmọ̀kan lásán. Kò bèèrè ni, nítorí kò sí ẹni tó lè fi dandan mú un bèèrè.

Akéwú_Gẹ̀ríÀlímì
Ta ló ní ẹ̀dà tí kò ya? Tèmi, ojú ewé méjìlá tó kẹ́yìn ti ká kúrò.

ÀkàndéOjúỌjà
Ẹ wá sí ìsọ̀ mi lọ́la, Alfa, lẹ́yìn Ásárì. Mo ní méjì. Èmi náà fẹ́ tún un kà, mo rí i pé Okonkwo nìkan ni mo mọ̀.